Nọ́ńbà méjì LinkedIn, àti apá tó yẹ kó o kọ́kọ́ tún ṣe

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akúrẹ́ ni mo wà. Ìwọnlẹ̀ ni mo kà ní FUTA, látìgbà tí mo sì ti sìnlú tán ni mo ti ń bá àwọn tó ń ra kòkó ya máàpù oko. LinkedIn sọ pé 148 ni Profile viewers mi, Search appearances mi sì jẹ́ 62, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí mi nítorí iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yí Headline padà, èkejì ní About ló burú. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Mo fi àwòrán àwọn ojú ìwé náà ránṣẹ́.*

Má tíì mú ìkankan nínú méjèèjì, àbúrò mi. Experience ni kó o kọ́kọ́ ṣí, ìlà kan péré ló sì ń dà ọ́ láàmú níbẹ̀. Inú àwòrán kẹta tó o fi ránṣẹ́ ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n màá ṣàlàyé bí mo ṣe débẹ̀, torí tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nọ́ńbà yìí á ti di òmíràn, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa kà á.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí 148 àti 62 yẹn. Àkókò tí LinkedIn fi ka ọ̀kan yàtọ̀ sí èyí tó fi ka èkejì. Àwọn tó wo ojú ìwé rẹ láàárín 90 ọjọ́ ló pè ní 148, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Iye ìgbà tí orúkọ rẹ jáde níbi tí èèyàn ti ń ṣàwárí ló pè ní 62, ti ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo sì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n á wá sọ pé, "Àwọn tó ń wò mí pọ̀ ju àwọn tó ń rí mi lọ, a jẹ́ pé kò síṣòro níbi ìṣàwárí." Irọ́ ni nọ́ńbà yẹn ń pa fún wọn. Tó o bá pín 148 sí ọ̀nà mẹ́tàlá, èèyàn mọ́kànlá ló ń wò ọ́ lọ́sẹ̀, ó lé díẹ̀.

Mọ́kànlá yẹn gan-an pọ̀ jù. Nínú àwòrán kejì rẹ, LinkedIn fi ìlà kan hàn tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ orí ìlà náà, wàá rí i pé ọ̀sẹ̀ kan wà tí èèyàn 41 wò ọ́. Mo lọ wo ohun tó o gbé síta lọ́sẹ̀ yẹn: fọ́tò tó o yà pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ nínú oko kòkó kan ní Ìdànrè ni. Àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá kí ọ kú iṣẹ́, tí wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ tẹ orúkọ rẹ. Inú mi dùn sí fọ́tò náà, àmọ́ yàtọ̀ sí ẹnì kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níparí, kò jọ pé agbanisíṣẹ́ wà nínú wọn. Yọ 41 kúrò nínú 148, ó ku 107. Pín in fún ọ̀sẹ̀ méjìlá tó kù, yóò di nǹkan bíi mẹ́sàn-án. Ohun tá a ní lọ́wọ́ ni pé lọ́sẹ̀ kan, orúkọ rẹ jáde ní ìgbà 62, nǹkan bí èèyàn mẹ́sàn-án ló sì ṣí ojú ìwé rẹ.

Wàyí o, má ṣe sọ pé ẹni mẹ́sàn-án nínú 62 ló tẹ orúkọ rẹ. Ojú ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé ojú ìwé rẹ kì í ṣe ìṣàwárí nìkan. Ẹni tó o fi ìbéèrè ìbádọ́rẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ sí á yà wò ọ́, ẹni tó rí ọ̀rọ̀ tó o sọ lábẹ́ ìwé ẹlòmíì á yà wò ọ́, ẹni tí ìwọ alára lọ wò lánàá náà á fẹ́ mọ ẹni tó wá wo òun. Gbogbo wọn ló wà nínú mẹ́sàn-án yẹn. Bákan náà, àwọn tó mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ gangan wà nínú 62, irú wọn kì í sì í rí ọ kí wọ́n máà ṣí i. Tí ojú ìwé tìrẹ bá ti di èyí tó ń ka ibi gbogbo tí orúkọ rẹ ti jáde pọ̀, títí kan abẹ́ ìwé tó o kọ, èyí tó jẹ́ ti ìṣàwárí nìkan ni kó o mú. Nítorí náà, mẹ́sàn-án nínú 62 ni ibi gíga jù tó lè dé. Òótọ́ rẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀. Má sì wulẹ̀ bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè pé mélòó ni tirẹ̀. Ẹni tí ìjọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ lórí LinkedIn, tí gbogbo wọn ń fi orúkọ wá a, nọ́ńbà rẹ̀ á dára gan-an láìsí pé ẹnì kan fẹ́ fún un níṣẹ́.

Ibi tí nọ́ńbà wọ̀nyí ti ń sọ òótọ́ ni àwòrán kẹta. Lábẹ́ Search appearances, LinkedIn máa ń sọ ilé iṣẹ́ tí àwọn tó wá ọ ti ń ṣiṣẹ́, àti orúkọ ipò tí wọ́n wà. Èyí lèmi máa ń kọ́kọ́ kà, kí n tó wo iye. Tìrẹ sọ pé Teacher ni wọ́n, School Administrator, Student, àti Human Resources Specialist kan. Nínú ilé iṣẹ́ tó tò, ilé ẹ̀kọ́ girama ló pọ̀ jù, FUTA náà wà níbẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ kòkó kan, kò sí ilé iṣẹ́ àgbẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ máàpù. Kí ló kan ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú ẹni tó ń wọn ààlà oko?

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Experience rẹ. Ohun tó wà lókè pátápátá níbẹ̀ ni "Geography Teacher", iṣẹ́ tó o ṣe nígbà tó o jẹ́ àgùnbánirọ̀, "Present" ló sì wà níwájú rẹ̀. O ò fi ọjọ́ tó parí sí i. Iṣẹ́ máàpù tó ò ń ṣe lónìí kò sí nínú Experience rárá. Ìdí About rẹ lo fi í pamọ́ sí. Lójú LinkedIn, olùkọ́ jọ́gíráfì ni ọ́ títí di àárọ̀ yìí. Ẹni tó bá sì ń wá òṣìṣẹ́ sábà máa ń sọ fún LinkedIn pé ipò tí onítọ̀hún wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kó fi ṣa àwọn èèyàn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ń wá olùkọ́ á rí ọ, á wo Headline rẹ, "Geospatial Enthusiast | Lover of God | Change Maker", á rí i pé ìwọ kọ́ lòun ń wá, á sì kọjá. Ẹni tó ń wá ẹni tó lè ya máàpù oko ní agbègbè Ondó kò rí ọ rárá ni, kò tíì débi tí yóò ti kọjá.

Wo ohun tí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ ì bá fà. Ká ní o yí Headline padà lónìí, tó di Headline onímáàpù tó já gaara, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni yóò ṣì máa rí i. Ó á tún yé wọn kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ pé kì í ṣe ìwọ. Àwọn tó ń wò ọ́ lè dín kù sí márùn-ún, ìwọ á sì rò pé Headline tuntun ló burú, wàá dá a padà sí ti Change Maker. About ní tirẹ̀, ẹni tó bá ti wọlé nìkan ló ń kà á. Nígbà tí ẹni tó yẹ kó kà á kò tíì rí ẹnu ọ̀nà, kí lo fẹ́ tún un kọ fún?

Bí mo ṣe ń yan apá tí màá tún ṣe nìyẹn. Ẹni tó yẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọ, kó tó tẹ orúkọ rẹ, kó tó kọ̀wé sí ọ. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ já nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó o lọ so, kó o fi èyí tó wà níwájú sílẹ̀. Tìrẹ já níbi àkọ́kọ́.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Ṣí Experience, tẹ ibi iṣẹ́ olùkọ́ yẹn, yọ àmì tó wà níbi "I am currently working in this role", kó o fi oṣù tó o sìnlú tán sí i. Kó o tó fi pamọ́, wo ibi tí wọ́n kọ "Notify network" sí, kó o pa á. Tó o bá fi í sílẹ̀, LinkedIn lè fọn fèrè sétí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ mọra, wọ́n á rọ́ wá kí ọ kú oríire, nọ́ńbà rẹ á sì fò sókè bíi ti ọ̀sẹ̀ fọ́tò Ìdànrè. Ìwọ á rò pé àtúnṣe ló ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi iṣẹ́ tuntun kún un. Níbi "Employment type", mú "Freelance", torí ohun tó jẹ́ nìyẹn. Níbi orúkọ ipò, kọ "GIS Analyst", ìyẹn ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ máàpù. Mo mọ̀ pé ó ń wù ọ́ láti kọ "Founder & CEO"; láti Alágbàká dé ẹnu ọ̀nà FUTA, ta ni kì í ṣe CEO mọ́? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tẹ CEO nígbà tó bá ń wá ẹni tí yóò rin ààlà oko kòkó. Orúkọ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń lò ni kó o lò. Ṣí ìpolówó iṣẹ́ bíi mẹ́wàá nínú irú iṣẹ́ rẹ, wo orúkọ tí wọ́n pè é, kó o mú èyí tó bá ohun tó ò ń ṣe mu. "GIS Analyst", "GIS Officer" àti "GIS Specialist" ni wàá máa bá pàdé jù.

Nínú àlàyé iṣẹ́ náà, fi ọ̀rọ̀ tí àwọn olókòwò kòkó ń tẹ̀ sí i. Òfin Ìparapọ̀ Yúróòpù ti 2023 lórí igbó pípa, tí gbogbo wọn ń pè ní EUDR, fẹ́ kí ẹni tó bá kó kòkó lọ síbẹ̀ fi ibi tí oko náà wà lórí ilẹ̀ ayé hàn. Oko tí kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú àmì kan ṣoṣo tó fún un. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí wọ́n ya ààlà rẹ̀ yíká, èyí tí wọ́n ń pè ní polygon. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó kò tìtorí ìyẹn jókòó. Ìwọ tó o ti ń rin ààlà oko ní Ìdànrè, iṣẹ́ wọn gan-an lo ti ń ṣe, síbẹ̀ "EUDR", "polygon mapping" àti "cocoa" kò sí níbì kankan lójú ìwé rẹ. Kọ wọ́n sínú àlàyé náà nínú gbólóhùn tó ṣe é kà, má tò wọ́n jọ gbuurugbu. Fi àwọn ohun èlò tó o mọ̀ ọ́n lò, bíi QGIS, sí Skills tó wà lábẹ́ iṣẹ́ náà gan-an. Bí o bá ń fi pamọ́, tí LinkedIn bá dábàá pé kóun bá ọ yí Headline padà, sọ fún un pé rárá. Tó o bá yí nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kó o fi í sílẹ̀. LinkedIn kì í tọ́jú Search appearances ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún ọ ní ibi tó o ti lè tún un wò, nítorí náà ra ìwé kan, tàbí kó o lo tábìlì inú fóònù rẹ, kó o máa kọ ọ́ ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: iye ìgbà tó o jáde, ipò tí àwọn tó wá ọ wà, iye èèyàn tó wò ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, àti iye ìwé iṣẹ́ tó wọlé. Kọ ohun tí ìwọ náà ṣe lọ́sẹ̀ yẹn sí i, bóyá o gbé fọ́tò síta, bóyá o fi ìbéèrè ìbádọ́rẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Láìsí ìlà yẹn, o ò ní mọ èyí tó tọwọ́ rẹ wá.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já tí 62 yẹn bá wálẹ̀ di 30. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn ilé ẹ̀kọ́ á ti lọ, ohun tá a sì fẹ́ nìyẹn. Ipò wọn ni kó o máa wò. Ọjọ́ tó o bá rí Supply Chain Manager, Sustainability Manager, GIS Manager tàbí Agronomist níbẹ̀, o ti so ibi àkọ́kọ́. Tí ó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Teacher àti Student ló ṣì kún ibẹ̀, lọ wo Skills rẹ lápapọ̀ bóyá Teaching ló ṣì wà lókè. Wo "Open to work" náà, tó o bá ti tàn án: orúkọ iṣẹ́ bíi márùn-ún ló ń gbà, mo sì ti rí àwọn tó gbàgbé olùkọ́ sínú rẹ̀.

Nọ́ńbà kékeré máa ń fò bó ṣe wù ú. Láti mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá lọ́sẹ̀ kan, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi lásán lè mú un padà di mẹ́fà. Kó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ kó o tó fi wé ara wọn. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 27. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn àtúnṣe bá jẹ́ 31, má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Tó bá jẹ́ 50, tí o ò sì gbé nǹkan kan síta, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ká wá ní àwọn tó yẹ ti ń rí ọ, àmọ́ wọn kò tẹ orúkọ rẹ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́ tó wúlò. Ohun tí èèyàn ń rí níbi ìṣàwárí kò ju fọ́tò rẹ, orúkọ rẹ, Headline, àti ìlú rẹ lọ, nígbà míì iṣẹ́ tó ò ń ṣe lọ́wọ́. Headline gba lẹ́tà 220, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń hàn kí wọ́n tó gé e. Ìbẹ̀rẹ̀ tìrẹ lónìí ni "Geospatial Enthusiast", ìyẹn sì ń sọ pé o fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kò sọ pé o ń ṣe é. "GIS Analyst | Cocoa farm polygon mapping for EUDR | Ondo State" ń sọ iṣẹ́, ohun tó o fi ń ṣe, àti ibi tó o wà, ní ìlà kan. Ìfẹ́ Ọlọ́run rẹ kò burú o, fi í sí About. Ní ti ìlú, fi Akúrẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan á ní kó o kọ Lagos kí wọ́n lè rí ọ, ṣùgbọ́n oko kòkó tó fẹ́ ìwọ̀n, Ìdànrè, Ondó àti Ilé-Olújìí ló wà, ẹni tó ti wà nítòsí ni wọ́n ń wá. Tó o bá lè ṣiṣẹ́ níbòmíì, "Open to work" láyè tó o lè fi àwọn ìlú míì sí.

About kàn nígbà tí àwọn tó yẹ bá ti ń wọlé, tí wọ́n sì ń jáde láì sọ̀rọ̀. Kó o tó lè mọ̀ bóyá àwọn tó yẹ ni, o ní láti rí wọn. Lọ sí "Profile viewing options" ní Settings, kó o rí i pé orúkọ rẹ ń hàn nígbà tí ìwọ náà bá ń wo ojú ìwé ẹlòmíì. Tó o bá fi ara rẹ pamọ́, LinkedIn ọ̀fẹ́ kì í fi àwọn tó wò ọ́ hàn ọ́. Bó o tilẹ̀ ṣí i sílẹ̀, ìwọ̀nba ẹni díẹ̀ tó dé kẹ́yìn ló máa ń fi hàn ẹni tí kò san owó, àwọn kan á sì jáde gẹ́gẹ́ bíi "LinkedIn Member" torí wọ́n bo ara wọn mọ́lẹ̀. Má tíì san owó Premium nítorí èyí. Nígbà tí ẹni mẹ́sàn-án péré ń wò ọ́ lọ́sẹ̀, ṣí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wàá rí èyí tó pọ̀ nínú wọn.

Tó bá wá kan About, ìlà bíi mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kó o fi gbogbo ọgbọ́n rẹ sí, torí ohun tó ń hàn kí èèyàn tó tẹ "see more" nìyẹn. Tìrẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí pẹ̀lú ìtàn bí o ṣe fẹ́ràn máàpù láti kékeré. Iye oko tó o ti wọ̀n, ìjọba ìbílẹ̀ tó o ti wọ̀n wọ́n, irú fáìlì tó o fi ń lé iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, àti nọ́ńbà tàbí í-meèlì tí wọ́n lè bá ọ sọ̀rọ̀ sí ni kó o fi ṣíwájú. Ìtàn kékeré yẹn lè tẹ̀ lé e.

Ó ku ohun kan tí kò sí nínú àtúnṣe apá kankan. Nínú àwọn tó wò ọ́ tí orúkọ wọn hàn, mo rí ẹnì kan tó kọ Procurement sí ojú ìwé rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó. Fọ́tò Ìdànrè yẹn ló jọ pé ó gbé e wá. Má dúró dìgbà tí yóò kọ̀wé sí ọ. Fi ìbéèrè ìbádọ́rẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ sí i lónìí, kó o kọ gbólóhùn méjì sí i pé Akúrẹ́ lo wà, pé o ti wọn oko ní Ìdànrè fún EUDR, kó o bi í bóyá wọ́n ní àwọn oko tí wọn kò tíì wọ̀n ní agbègbè yìí. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ó má lọ dà pọ̀ mọ́ àwọn tí àtúnṣe Experience bá mú wá.